Ìdí Tí Iye Bọ́ǹdì Fi Ń Lọ Sílẹ̀ Nígbà Tí Èlé Ọjà Bá Gòkè

Kí a fi ojú inú wo olùkọ́-fẹ̀yìntì kan ní Òde Mahin, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ó ní ìwé-ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀, èyí tí àwọn ará ọjà owó ń pè ní bọ́ǹdì, tí iye ojú rẹ̀ jẹ́ ₦1,000,000. Ìwé náà ń mú ₦121,493 wá fún un ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ìjọba yóò sì dá ₦1,000,000 rẹ̀ padà ní ọdún 2034. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ọmọ rẹ̀ tí ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò láti Igbókòdá lọ sí àwọn ìletò etí òkun nílò ẹ́ńjìnnì tuntun, nítorí pé ti àtijọ́ ti kú pátápátá. Bàbá pinnu láti ta ìwé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ó gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í san 19% lórí bọ́ǹdì tuntun. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé bí èlé bá ti gòkè báyìí, ìwé tí ó wà lọ́wọ́ òun náà yóò ti wọ́n sí i.

Ìdáhùn tí alágbàtà fún un yà á lẹ́nu: nǹkan bí ₦698,000 péré ni ọjà lè san. Bàbá gbà pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ó pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó ní, "Ìwọ tí o ń ka ìwé ìṣirò owó, bá mi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìjọba kò kú, ìjọba kò sì jẹ mí ní gbèsè èlé kankan. Báwo ni mílíọ̀nù kan mi ṣe di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún méje?" Ọmọ náà dáhùn pé, "Ẹ má bínú, bàbá. Iye tí wọ́n pè yẹn kò jìnnà sí òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbé ìwé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún yín." Ìwé méjèèjì yẹn ni àlàyé yìí dá lé lórí, nítorí pé ìwé gidi ni wọ́n, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì mọ ìṣirò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó dúró lójú kan àti ohun tí ń yí padà. Nǹkan mẹ́ta ni a kọ sí ojú bọ́ǹdì, wọn kì í sì yẹ̀ láti ọjọ́ tí a bá ti tà á títí dé ọjọ́ tí yóò parí: iye owó tí ìjọba yóò dá padà, èlé tí yóò máa san lórí rẹ̀, àti ọjọ́ tí ìdápadà yóò wáyé. Èlé tí a kọ sí ojú ìwé yìí ni a ó máa pè ní èlé ojú-ìwé. Bí ayé bá yí po lẹ́ẹ̀mẹwàá, ₦121,493 ni ti bàbá. Ṣùgbọ́n èlé kan tún wà tí a kò kọ síbì kan lórí ìwé náà. Òun ni èrè tí àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn lónìí ń béèrè kí wọ́n tó gbà láti yá ìjọba lówó fún irú ọdún bẹ́ẹ̀. Èyí ni èlé ọjà. Ojoojúmọ́ ni ó lè yí padà. Nígbà tí ó bá sì yí, ìwé àtijọ́ kò lè fi èlé ojú rẹ̀ bá a lọ, nítorí pé wọ́n ti kọ ọ́ tán. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù tí ó lè yí ni iye tí ẹni tí ń rà á yóò san.

Àwọn ará odò mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa bí kò tilẹ̀ jẹ́ ti ìwé. Bí ọkùnrin kan bá ní ọkọ̀ tí ó ti fi háyà fún apẹja kan fún ọdún mẹ́wàá, tí owó háyà rẹ̀ sì jẹ́ ₦12,000 lọ́dún, tí owó háyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá di ₦19,000 ní gbogbo etídò, ta ni yóò ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ yìí pẹ̀lú àdéhùn rẹ̀ ní iye kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ tí kò ní àdéhùn? Ọkọ̀ kò bàjẹ́, apẹja sì ń san owó rẹ̀ déédéé. Àdéhùn tí ó so ọkọ̀ mọ́ owó kékeré ni ó mú kí iye rẹ̀ wálẹ̀. Ibi tí àfiwé yìí ti yẹ̀ díẹ̀ ni pé ọkọ̀ a máa gbó, nígbà tí bọ́ǹdì máa ń padà di odindi ní ọjọ́ ìkẹyìn. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, a ó sì rí agbára rẹ̀ láìpẹ́.

Ìṣirò tí ó rọrùn jù ni ti ìwé tí ó ku ọdún kan ṣoṣo. Ká ní ẹnì kan ní ìwé ₦1,000 tí ń san 10%. Ní ìparí ọdún, ₦1,100 ni yóò wọlé. Bí èlé ọjà bá jẹ́ 10%, ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yóò san ₦1,000 gééré. Ṣùgbọ́n bí èlé ọjà bá fò sí 25% ní òru ọjọ́ kan, òǹrajà kò ní san ₦1,000 mọ́, nítorí pé bí ó bá gbé ₦1,000 yẹn lọ sí ibòmíràn, ₦1,250 ni yóò bá níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Iye tí yóò san ni iye tí yóò sọ ₦1,100 di èrè 25%: ₦1,100 tí a pín pẹ̀lú 1.25, tí í ṣe ₦880. Bí ó bá san ₦880, ₦220 ni èrè rẹ̀. ₦220 sì jẹ́ ìdá mẹ́rin ₦880. Kò sí ẹni tí ó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Owó tí ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú kò yí padà rárá. Ohun tí a fi ń pín in ni ó tóbi sí i, ohun tí a bá sì fi nọ́ńbà ńlá pín kò ní ṣàì kéré.

Nísinsìnyí, ìwé gidi méjèèjì. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ bàbá ni ọjà ń pè ní 12.1493% FGN JUL 2034. Ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ tà á ní oṣù keje ọdún 2014, fún ogún ọdún, 12.1493% sì ni èlé tí àwọn tí ó rà á nígbà náà gbà pé ó tó. Láàárín ọdún 2022 àti 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ sókè léraléra nítorí ọ̀wọ́n ọjà: 11.5% ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ó sì ti di 18.75% ní oṣù keje ọdún 2023. Nígbà tí ó di oṣù kejì ọdún 2024, tí ìjọba tún fẹ́ yáwó fún ọdún mẹ́wàá, àwọn olówó kò gbà ní 12% mọ́. 19% ni ọjà fẹnu kò sí, ìwé tuntun náà sì ń jẹ́ 19.00% FGN FEB 2034. Ẹni kan náà ni ó jẹ gbèsè méjèèjì, ọdún kan náà ni yóò sì dá owó wọn padà. Èyí ni ó mú kí wọ́n dára púpọ̀ fún ìfiwéra: èlé ojú-ìwé nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìwé àtijọ́ fi bí oṣù márùn-ún pẹ́ ju tuntun lọ kí ó tó parí. Kí ìṣirò má baà díjú, a ó ka méjèèjì sí ìwé tí ó ku ọdún mẹ́wàá gééré. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ìjọba ń san èlé irú bọ́ǹdì yìí, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ìgbà ogún ní ọdún mẹ́wàá.

| | Ìwé àtijọ́ | Ìwé tuntun |
|---|---|---|
| Orúkọ rẹ̀ ní ọjà | 12.1493% FGN JUL 2034 | 19.00% FGN FEB 2034 |
| Iye ojú-ìwé | ₦1,000,000 | ₦1,000,000 |
| Èlé ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà | ₦60,746.50 | ₦95,000 |
| Ìgbà tí a ó san án | 20 | 20 |
| Owó ìdápadà ní ìparí | ₦1,000,000 | ₦1,000,000 |
| Èlé ọjà | 19% | 19% |
| Iye tí ọjà yóò san | ₦698,145 | ₦1,000,000 |

Bí a bá wo tábìlì yìí dáadáa, a ó rí i pé ẹni tí ó ra ìwé àtijọ́ yóò máa pàdánù ₦34,253.50 ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ní ìgbà ogún, bí a bá fi í wé ẹni tí ó ra tuntun. Kò sí ìyàtọ̀ mìíràn. Nítorí náà, kò sí olóye tí yóò ra ìwé àtijọ́ àfi bí wọ́n bá dín owó rẹ̀ kù ní ìwọ̀n tí yóò dí àlàfo yìí. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yá lè sọ pé ₦34,253.50 ní ìgbà ogún jẹ́ ₦685,070, kí wọ́n kúkú yọ ọ́ kúrò nínú mílíọ̀nù kan, kí ó ku ₦314,930. Àṣìṣe ni. Ẹ̀dínwó tí òǹrajà ń gbà, òní ni ó ń gbà á, nígbà tí àdánù rẹ̀ yóò fọ́n káàkiri ọdún mẹ́wàá. Owó òní kò sì dọ́gba pẹ̀lú owó ọ̀la, nítorí pé owó òní lè bí owó kí ọ̀la tó dé. 19% lọ́dún, tí a pín sí méjì, jẹ́ 9.5% fún oṣù mẹ́fà. ₦34,253.50 tí yóò bọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ₦31,282 ni ó tó lónìí, nítorí pé ẹni tí ó bá ní ₦31,282 lónìí tí ó sì fi yáni ní 9.5% yóò ní ₦34,253.50 nígbà náà. Èyí tí yóò bọ́ ní ìparí ọdún kẹwàá kò ju ₦5,577 lọ ní iye òní. Bí a bá sọ ogún wọn di iye òní lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sì ro wọ́n pọ̀, ₦301,855 ni. Yọ èyí kúrò nínú ₦1,000,000, yóò ku ₦698,145.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà kúkúrú lè fi ìlànà kan ṣe é. Kí r jẹ́ èlé ọjà fún oṣù mẹ́fà, kí n jẹ́ iye ìgbà tí èlé kù:

```
(1 - (1 + r)^-n) / r
```

Bí r bá jẹ́ 0.095, tí n sì jẹ́ 20, ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 8.81238. Fi èyí sọ ₦34,253.50 di púpọ̀, ₦301,855 yóò jáde. Kò sí ohun mìíràn nínú ìlànà náà ju ìṣirò ogún tí a ṣe lókè yìí, tí a ká pọ̀ sójú kan.

Àṣìṣe kejì wọ́pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì máa ń wà lẹ́nu àwọn tí ó mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ owó. Wọn a ní kí a fi 19% pín ₦121,493, kí a lè mọ iye tí ó yẹ kí ìwé náà jẹ́. Ìdáhùn yẹn jẹ́ nǹkan bí ₦639,437. Ìṣirò yìí tọ̀nà fún ìwé tí èlé rẹ̀ kò ní parí láéláé, tí a kò sì ní dá ojú owó rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ìwé bàbá ní òpin. Ní ọdún 2034, ẹni tí ó san ₦639,437 yóò gba ₦1,000,000 lọ́wọ́ ìjọba, èrè rẹ̀ yóò sì ti kọjá 19%. Bọ́ǹdì tí ó ní ọjọ́ ìdápadà kì í ṣubú tó ti èyí tí kò ní. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ọkọ̀ tí ń gbó kò bá bọ́ǹdì mu tán.

Ẹni tí ó ra ìwé bàbá ní ₦698,145 ń gba èrè rẹ̀ láti orísun méjì. Àkọ́kọ́ ni ₦121,493 tí ń wọlé lọ́dọọdún, tí ó jẹ́ 17.4% owó tí ó san. Ìyókù tí yóò mú un dé 19% ni ìdàgbàsókè iye ìwé náà fúnra rẹ̀, láti ₦698,145 títí dé ₦1,000,000. Nítorí náà, èlé mẹ́ta ni a lè bá lórí ìwé kan ṣoṣo: 12.1493% tí a kọ sí ojú rẹ̀, 17.4% tí owó ọdọọdún jẹ́ lórí iye tí a rà á, àti 19% tí í ṣe èrè pátá bí a bá dì í mú dé òpin. Ìgbà tí ènìyàn méjì bá ń jiyàn lórí èlé bọ́ǹdì tí wọn kò sì yanjú rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé oríṣi èlé tí ọ̀kan ń sọ yàtọ̀ sí ti èkejì.

Ìrìn àjò padà sí mílíọ̀nù kan yìí kì í dúró de ọjọ́ ìkẹyìn. Bí èlé ọjà bá wà ní 19% láìyẹsẹ̀, nígbà tí ìwé náà bá ku ọdún márùn-ún, iye rẹ̀ yóò ti di nǹkan bí ₦784,900. Nígbà tí ó bá sì ku ọdún kan, yóò tó ₦940,150. Èlé tí ìwé náà fi kéré sí ti ọjà kò yí padà, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí àdánù náà kù láti jẹ ń dín kù.

Láti inú èyí ni a ti lè mọ ìdí tí ìwé ọlọ́jọ́ gígùn fi ń ṣubú ju ti ọlọ́jọ́ kúkúrú lọ. Ìwé kan wà tí ó ń jẹ́ 12.50% FGN JAN 2026, tí èlé ojú rẹ̀ kò jìnnà sí ti bàbá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, nǹkan bí ọdún méjì ni ó kù fún un, ìyẹn ìgbà mẹ́rin tí èlé yóò wọlé. Bí a bá fi 19% kan náà wọ̀n ọ́n, ₦32,500 ni ó fi kéré sí ìwé tuntun ní oṣù mẹ́fà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mẹ́rin yẹn, ní iye òní, jẹ́ ₦104,146, iye rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦895,854. Èlé ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n àdánù ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì. Ọdún tí ó kù ni ó fà á. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun lè nílò owó òun láìpẹ́ kò ní ìdí láti lọ ra ìwé ogún ọdún nítorí pé èlé rẹ̀ fi díẹ̀ ga jù. Èyí wà lára ohun tí ó dára nínú bọ́ǹdì ìfowópamọ́ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún mẹ̀kúnnù ní oṣù kẹta ọdún 2017, tí ènìyàn lè fi ₦5,000 rà: ọdún méjì ni ti àkọ́kọ́, iye rẹ̀ kò sì lè ṣubú jìnnà.

Bàbá tún béèrè ìbéèrè kan tí ó mú ọgbọ́n lọ́wọ́. Ó ní, "Bí ó bá jẹ́ ìjọba ni mo gbé e padà lọ fún, ṣé òun náà yóò pè é ní ₦698,000?" Ìjọba kò jẹ ẹ́ ní gbèsè láti rà á padà kí ọjọ́ tó pé, ìdí nìyí tí ó fi ní láti tà á fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó fi hàn pé ìṣirò yìí kì í ṣe ète àwọn alágbàtà. Àjọ tí ń bójú tó gbèsè ìjọba, tí a mọ̀ sí DMO, kì í fi gbogbo ìgbà tẹ ìwé tuntun. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé àtijọ́ ni ó tún máa ń ṣí, tí yóò sì tà nínú rẹ̀ sí i. Èlé ojú rẹ̀ yóò wà bí ó ti wà. Àwọn òǹrajà yóò sọ èrè tí wọ́n ń fẹ́, iye tí wọn yóò san yóò sì jẹ́ iye tí ó bá èrè yẹn mu, pẹ̀lú èlé tí ó ti ń kó jọ láti ìgbà tí a san ti ìkẹyìn. Nípa bẹ́ẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ń gbà kí a ra ìwé rẹ̀ ní owó tí kò tó ojú rẹ̀ nígbà tí èlé ọjà bá ga.

Kì í ṣe ohun ìtìjú pé ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí àgbàlagbà. Láti ọdún 1946 tí ìjọba amúnisìn ti kọ́kọ́ ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, £300,000 ní èlé 3¼%, títí dé ọdún 1987, ìjọba ni ó ń fi àṣẹ gé èlé. Ibi tí èlé kò bá ti ń rìn, ibẹ̀ ni iye ìwé náà kò ti ní rìn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó di olùkọ́ ní ìgbà yẹn kò rí i rí pé ìwé ìjọba ń gòkè tàbí ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì gbà pé mílíọ̀nù tí a kọ sí ojú rẹ̀ ni mílíọ̀nù tí ó wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tí kò bá ta ìwé rẹ̀ kò pàdánù ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òtítọ́. Ní ti pé ìjọba yóò san gbogbo ohun tí ó ṣèlérí, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó ti ìwé àtijọ́ yóò máa gba ₦60,746.50 nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ń gba ₦95,000, fún ọdún mẹ́wàá. Àdánù kan náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó tà á jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹni tí ó dì í mú sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé ẹni tí ó ní sùúrù lè rí ìgbà tí èlé ọjà yóò tún wálẹ̀, nígbà tí ẹni tí ọ̀ràn dé bá kò lè dúró.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Báńkì Sílíkọ́nì Fálì ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2023 jẹ́ ẹ̀rí èyí. Báńkì náà ti fi owó àwọn oníbàárà rẹ̀ ra ìwé-ẹ̀yáwó ọlọ́jọ́ gígùn nígbà tí èlé kéré púpọ̀. Èlé gòkè ní ọdún 2022, iye àwọn ìwé náà sì wálẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ó béèrè owó rẹ̀, báńkì náà ì bá dì wọ́n mú dé òpin. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó wọn, ó sì di dandan láti tà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta, ó kéde pé òun ti ta nǹkan bí bílíọ̀nù 21 dọ́là nínú àwọn ìwé náà, òun sì ti pàdánù bílíọ̀nù 1.8 dọ́là. Ìkéde yẹn dẹ́rù ba àwọn yòókù, wọ́n sì ya bo báńkì náà. Ní ọjọ́ 10, ìjọba tì í pa. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìwé ẹni tí kò lè san gbèsè. Àìráyè dúró ni ó pa á.

Báwo wá ni bàbá yóò ṣe mọ̀ bí alágbàtà bá ń rẹ́ ẹ jẹ ní tòótọ́? Kò yẹ kí ó fi ₦1,000,000 ṣe òṣùwọ̀n. Kí ó kọ́kọ́ wádìí èlé tí ọjà ń san lórí ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ ti tirẹ̀, kí ó sì béèrè èrè tí iye tí wọ́n pè fún un yóò jẹ́ fún ẹni tí ń rà á. Bí wọ́n bá pè é ní ₦690,000, ó wà ní àyíká 19%, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì lè jẹ́ owó iṣẹ́ alágbàtà, nítorí pé àwọn tí ń ra ìwé kékeré kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é ní ₦620,000, èrè òǹrajà ti kọjá 21.5%, nígbà tí ọjà ń gba 19%. Ibẹ̀ ni ó ti lè bínú. Kí ó sì tún béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá èlé tí ó ti ń kó jọ láti ìgbà tí a san ti ìkẹyìn wà nínú iye náà tàbí kò sí, nítorí pé bí oṣù márùn-ún bá ti kọjá, owó tí ó lé ní ₦50,000 ni èyí, ẹni tí ó ni ìwé náà ní àkókò yẹn ni ó sì ni ín.

Nígbà tí ọmọ náà parí ìṣirò, bàbá gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Bí èlé ọjà bá wá padà sí 16% ńkọ́?" Ọmọ náà fi 8% ṣe èlé oṣù mẹ́fà. Ìlànà náà mú 9.81815 jáde. Ní irú ọjà bẹ́ẹ̀, ìwé tuntun mìíràn yóò máa san ₦80,000 ní oṣù mẹ́fà, ₦19,253.50 ni ti bàbá yóò fi kéré sí i, iye rẹ̀ yóò sì gòkè dé ₦810,966. Ìwé 19%, tí òun ń fi ₦15,000 ju ti ọjà lọ, yóò di ₦1,147,272. Bàbá wo nọ́ńbà méjèèjì fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà lọ bi alágbàtà léèrè bóyá wọ́n lè ta ìdajì ìwé náà, ìyẹn ₦500,000 ojú-ìwé, kí wọ́n wá ìyókù owó ẹ́ńjìnnì náà níbòmíràn, kí ìdajì tí ó kù sì dúró.